Orí Karùn-ún: Àlọ́ Mẹ̀mẹ́, Ọmọ Ewúrẹ́ Tí Ó Ń Kọ́ Ìfọyín

Ìdí tí a fi yan ewúrẹ́

Nínú gbogbo ẹranko tí ọmọ ọdún méjì mọ̀ ní àyíká ilé, ewúrẹ́ ni ó yẹ jù lọ fún àlọ́ ìfọyín, nítorí ojoojúmọ́ ni ọmọ ń rí i ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ó gbé ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí ó jẹ́ pé bí kò bá rí ohun tuntun jẹ, a máa pọ èyí tí ó ti gbé mì sẹ́nu, a sì tún máa rún un. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó dé tí a kò fi mú Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ẹni tí àlọ́ ilẹ̀ wa ti mọ́ lára. Ìdáhùn wa ni pé Ìjàpá kò ní eyín rárá, etí ẹnu rẹ̀ líle ni ó fi ń gé oúnjẹ. Àti pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àti ìrẹ́jẹ tí ó kún inú àlọ́ rẹ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún méjì lè tọ̀ lẹ́yìn lọ. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ kò tíì mọ ẹni tí ó tan ẹnìkan jẹ. Ohun tí ó mọ̀ ni ẹni tí ó jẹun, ẹni tí ó ya ẹnu, àti ẹni tí ó sùn.

Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, òun gan-an ni òpó tí àlọ́ yìí fi ẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá mú ewúrẹ́ kan tí ó rọlẹ̀, tí ẹ rọra ká ètè rẹ̀ sókè, ẹ óò rí i pé kò ní eyín kankan ní iwájú òkè. Ìdí eyín líle kan, tí ó nípọn tí ó sì lágbára, ni ó wà níbẹ̀, òun ni eyín mẹ́jọ tí ó wà ní iwájú ìsàlẹ̀ ń tẹ ewé mọ́ kí ó tó já a. Ní ẹ̀yìn ẹnu, eyín wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí a bá ka gbogbo eyín àkọ́kọ́ tí ọmọ ewúrẹ́ ń hù, 20 ni. 20 náà sì ni eyín àkọ́kọ́ ọmọ ènìyàn. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dàgbà, 32 ni ti ewúrẹ́, 32 ni ti ènìyàn. Iye kan náà ni, ìtò wọn ni ó yàtọ̀, nítorí ibi tí ọmọ ènìyàn ní eyín mẹ́rin tí ó ń dán ní iwájú òkè ni ewúrẹ́ kò ní eyín kankan.

Eyín mẹ́rin iwájú òkè yìí ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ lẹ́nu ọmọ kékeré. Nígbà tí ọmọ bá sùn lọ pẹ̀lú ìgò wàrà tàbí ẹ̀kọ mímu tí a fi ṣúgà sí lẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ ni ó ń bo eyín iwájú ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí itọ́ sì ń fọ̀ wọ́n. Àwọn ti òkè ni ohun dídùn náà ń gbára jọ yí ká, itọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sun lójú oorun tí ìbá fi ṣàn wọ́n. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí a jẹ ṣúgà náà, a sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan náà a sì máa yọ́ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Láìfọ̀tápè, ibi tí ìyà ti ń jẹ eyín jù ni ètè òkè bò, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ kì í fẹ́ kí a fọwọ́ kàn. Nítorí náà ni a ṣe to àlọ́ Mẹ̀mẹ́ lọ́nà tí ó jẹ́ pé nígbà tí a bá dé iwájú òkè, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò ká ètè sókè, tí yóò sì fi eyín rẹ̀ hàn pẹ̀lú ìyangàn, nítorí pé òun ní ohun tí ewúrẹ́ kò ní.

Ohun tí a óò tọ́jú kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni ẹ óò rà, èyí tí orí rẹ̀ kéré tí irun rẹ̀ sì rọ̀. Orin ata àti pákò tí àwa àgbà ń run ní òwúrọ̀ dára fún ẹnu àgbà, kò sì burú kí ọmọ máa wò wá bí a ti ń run ún. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò lè rún igi títí yóò fi di irun, ṣáárá rẹ̀ lè gún un ní ìdí eyín tàbí kí ó há a lọ́fun. Ọṣẹ ìfọyín tí ẹ óò lò gbọ́dọ̀ ní fúlóráìdì nínú, kí iye rẹ̀ tó 1000 nínú mílíọ̀nù kan. Wọn a máa kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀. Fúlóráìdì yìí ni ó ń ran eyín lọ́wọ́ láti gba ohun tí omi kíkan ti yọ́ kúrò lára rẹ̀ padà.

Ìwọ̀n ọṣẹ náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ṣe, nítorí àwòrán tí ó wà lára páálí máa ń fi ọṣẹ gígùn tí ó bo gbogbo orí búrọ́ọ̀ṣì hàn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ṣoṣo ni, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ inú irun búrọ́ọ̀ṣì kí ọmọ má baà lá a. Ọmọ ọdún méjì kò mọ itọ́ í tu dáadáa, gbígbé ni yóò gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Díẹ̀ tí ó tó hóró ìrẹsì kò lè pa á lára, ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mì lójoojúmọ́, àbàwọ́n funfun lè yọ lára eyín àgbà tí ó ń dì lọ́wọ́ nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ má ṣe fi omi yọ ẹnu rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ètè rẹ̀, kí ìwọ̀nba fúlóráìdì tí ó kù lẹ́nu sùn tì í.

Ohun kan tí ó kù ni àkókò. Kí ọmọ ti jẹun tán, kí ó ti mu wàrà tàbí ẹ̀kọ rẹ̀ tán, kí a ti wẹ̀ fún un, kí àlọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí lẹ́yìn rẹ̀, omi lásán nìkan ni ó lè kàn án lẹ́nu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má dúró títí oorun yóò fi kùn ún tán, nítorí ọmọ tí oorun ti ń kùn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ni ó dára jù.

Àlọ́ náà gan-an

A kọ àlọ́ yìí ní gbólóhùn kúkúrú, nítorí bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kọ́ ni a ń bá ọmọ ọdún méjì sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí orúkọ náà Àyìnkẹ́, oríkì ọmọ tiyín ni kí ẹ fi sí i, nítorí kò sí ohun tí ń mú orí ọmọ wú bí oríkì rẹ̀. Níbi tí a bá kọ “Orin” sí, ẹ óò kọrin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọmọ.

Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Mẹ̀mẹ́, ọmọ ewúrẹ́.

Ilẹ̀ ṣú. Mẹ̀mẹ́ ti jẹ ewé. Mẹ̀mẹ́ ti mu omi. Mẹ̀mẹ́ yó.

Màmá rẹ̀ ní, “Mẹ̀mẹ́, ya ẹnu.”

Mẹ̀mẹ́ ní, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!”

Eyín ìsàlẹ̀, níwájú. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn! Màmá fọ̀ ọ́.

Orin:
Ṣìì-ṣìì-ṣìì, eyín Mẹ̀mẹ́,
Ṣìì-ṣìì-ṣìì, ewé bọ́ lọ.

Eyín ìsàlẹ̀, lẹ́yìn, níhìn-ín. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn! Màmá fọ̀ ọ́. (Orin)

Eyín ìsàlẹ̀, lẹ́yìn, lọ́hùn-ún. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn! Màmá fọ̀ ọ́. (Orin)

Màmá ní, “Mẹ̀mẹ́, wòkè.” Mẹ̀mẹ́ ní, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!”

Eyín òkè, lẹ́yìn, níhìn-ín. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn! Màmá fọ̀ ọ́. (Orin)

Eyín òkè, lẹ́yìn, lọ́hùn-ún. Ewé lẹ̀ mọ́ ọn! Màmá fọ̀ ọ́. (Orin)

Eyín òkè, níwájú. Háà! Kò sí eyín níbẹ̀! Mẹ̀mẹ́ kò ní eyín níbẹ̀!

Ta ló ní i? Àyìnkẹ́ ló ní i! Àyìnkẹ́, jẹ́ ká rí i!

Orin:
Ṣìì-ṣìì-ṣìì, eyín Àyìnkẹ́,
Ṣìì-ṣìì-ṣìì, ó ń dán gbinrin.

Mẹ̀mẹ́ ní, “Èmi náà, èmi náà!” Màmá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Mẹ̀mẹ́ fọ̀ ọ́ díẹ̀.

Ó tán. Mẹ̀mẹ́ dùbúlẹ̀ ti màmá. Màmá dùbúlẹ̀ ti Mẹ̀mẹ́. Wọ́n sùn.

Ó dìgbà, Mẹ̀mẹ́. Ó dìgbà, Àyìnkẹ́.

Bí a ṣe ń pa á

Ẹ jókòó sórí àpótí tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ gbé orí ọmọ lé itan yín, kí ó dojú kọ òkè, kí ẹ̀yin náà lè máa wo inú ẹnu rẹ̀ láti òkè. Bí ẹni méjì bá wà nílé, wọ́n lè jókòó ní ìdojúkọ ara wọn, kí eékún wọn kan ara wọn: ẹnìkan yóò di ọwọ́ ọmọ mú pẹ̀lú ìfẹ́, yóò sì máa pa àlọ́, ẹnìkejì yóò gbé orí rẹ̀ lé itan, yóò sì máa fọ eyín. Bí ọmọ bá dúró lórí ilẹ̀, ètè òkè yóò bo eyín tí a ń wá, òbí kò sì ní rí ju ìdajì ohun tí ó ń ṣe lọ. Àtùpà tàbí iná yàrá kí ó mọ́lẹ̀ tó.

Bí ẹ ti ń pe ibì kan nínú àlọ́ ni kí búrọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀, kí ó má ṣáájú ọ̀rọ̀, kí ó má sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà ni a pín ẹnu sí: iwájú ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ̀yìn òkè ní ọ̀tún àti ní òsì, lẹ́yìn náà iwájú òkè. Bí a bá kọ orin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láìkánjú, yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Nígbà tí a bá sì fi ọ̀nà mẹ́fà lù ú, ìṣẹ́jú méjì ni, èyí tí í ṣe àkókò tí àwọn dókítà eyín ń fẹ́ kí a lò. Ọmọ kò mọ ìṣẹ́jú, orin ni ó mọ̀. Ó mọ̀ pé nígbà tí ewé bá bọ́ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, búrọ́ọ̀ṣì yóò ṣí kúrò níbẹ̀, ìmọ̀ yìí ni ó sì ń fún un ní sùúrù.

Ọwọ́ yín kí ó rọ̀. Ẹ dá irun búrọ́ọ̀ṣì dẹ̀ẹ́ sí ibi tí eyín gbé pàdé ìdí rẹ̀, kí ẹ máa yí i kékeré kékeré lójú kan dípò kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Ní iwájú òkè, ẹ fi ìka kan gbé ètè sókè, kí ẹ kíyè sí okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ètè mọ́ ìdí eyín láàárín méjì, nítorí bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá há a, yóò ta ọmọ, yóò sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ fi ìka bò ó, kí ẹ fọ apá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ sì fọ apá òsì.

Ẹ óò ti rí i pé màmá Mẹ̀mẹ́ ni ó ń fọ eyín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì ní ìparí nìkan, fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ń fẹ́ ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí a gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè yí búrọ́ọ̀ṣì dé ibi tí ó pamọ́. Bí a bá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì ṣáájú, jíjẹ ni yóò máa jẹ irun rẹ̀, gbígbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì di ìjà. Nígbà tí ó bá mọ̀ pé ìpín tòun ń bọ̀ ní ibi tí Mẹ̀mẹ́ ti ń sọ pé “Èmi náà,” yóò dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ àlọ́ náà kí ó má yí padà láti alẹ́ dé alẹ́. Àgbà lè rò pé ọmọ yóò sú ohun kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti mọ̀ ni ó dùn mọ́ ọn, nítorí òun náà lè bá wa pè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí yóò máa ké “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” kí ẹ tó dé ibẹ̀. Igbe ewúrẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè ké e kí ẹnu rẹ̀ má là gbayawu.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí

Ká ní ọmọ kan wà tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àyìnkẹ́, ọmọ oṣù 27, tí ó ti máa ń sùn pẹ̀lú ìgò ẹ̀kọ àti wàrà lẹ́nu, tí ó sì máa ń pa ẹnu dé pátápátá bí ó bá ti rí búrọ́ọ̀ṣì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ̀ka ìrókò kì í fi ipá fà á ya. Ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú ìgò náà kúrò nínú bẹ́ẹ̀dì, yóò fún un ní ẹ̀kọ rẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù kí ó tó wẹ̀ fún un. Ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò ní mú búrọ́ọ̀ṣì dání rárá. Àlọ́ nìkan ni yóò pa, yóò sì máa fi ìka lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ pẹ́pẹ́ ní ibi tí àlọ́ bá dárúkọ. Ní ọ̀sán, yóò mú un lọ wo ewúrẹ́ tí ó ń jẹun, kí ó lè rí ẹnu tí ó ń lọ láìdúró.

Ní alẹ́ kẹrin, búrọ́ọ̀ṣì tí ọṣẹ rẹ̀ tó hóró ìrẹsì yóò wọlé, ṣùgbọ́n iwájú ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò fọ̀. Ní àwọn ibi yòókù, ìka lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Iwájú ìsàlẹ̀ ni eyín ọmọ ti kọ́kọ́ hù ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ ni ọwọ́ wa sì ti mọ́ ọn lára jù. Ní alẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, yóò fi ibì kan kún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi kárí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Wàyí o, ká ní ní alẹ́ kẹjọ, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n kárí, Àyìnkẹ́ ké gbàjarè nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀yìn òkè. Ìyá kò gbọdọ̀ yára pè é ní olórí kunkun. Kí ó wo inú ẹnu rẹ̀ ná. Ọmọ ọdún méjì sábà máa ń ní eyín 16, àwọn mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn, tí ó wà ní ìkángun ẹnu, sì máa ń jáde láàárín oṣù 23 sí oṣù 33. Bí ìyá bá rí i pé ìdí eyín ibẹ̀ wú tí ó sì pọ́n, pé itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ní ọ̀sán, ìrora eyín tí ń jáde ni, kì í ṣe ìwà. Kò ní fo ibẹ̀ dá, nítorí bí ó bá fò ó, Àyìnkẹ́ yóò kọ́ pé igbe ń yí àlọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kọ orin níbẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì yóò sì kàn án fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nígbà tí eyín náà bá là tán, orin yóò padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé kò sí wíwú kankan, tí ọmọ kàn fẹ́ ṣeré, àlọ́ ni yóò dúró. Ìyá yóò sọ pẹ̀lẹ́ pé, “Mẹ̀mẹ́ ń dúró,” yóò sì dákẹ́. Kò ní halẹ̀, kò ní bínú, kò sì ní sọ ìtàn lọ láìfọ eyín. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ó kàn nínú àlọ́ kì í lè gba ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ké “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” kí ìtàn lè máa bá a lọ.

Ibi tí àlọ́ ti máa ń bàjẹ́

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí òbí, nínú ìfẹ́ láti mú àlọ́ lágbára, sọ pé Mẹ̀mẹ́ kọ̀ láti fọ eyín, kòkòrò sì jẹ gbogbo rẹ̀ dànù, tàbí pé dókítà wá fi irin fà á yọ. Ọmọ ọdún méjì kò lè so àìfọyín ti òní pọ̀ mọ́ ìyà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ohun tí yóò dì mú ni pé ohun búburú kan ń wọ ẹnu, yóò sì pa ẹnu dé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú àlọ́ tiwa, kò sí kòkòrò, kò sí ìyà, ewé lásán ni ó lẹ̀ mọ́ eyín, ewé náà sì bọ́ lọ.

Èkejì ni pé kí a fi oúnjẹ parí àlọ́, kí màmá fún Mẹ̀mẹ́ ní ọmú tàbí bisikíìtì nítorí pé ó ṣe dáadáa. Ọmọ yóò béèrè tirẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, àlọ́ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu mọ́ ni yóò wá ṣí i sílẹ̀ fún ṣúgà lójú oorun. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, kí ó mu ọmú rẹ̀ kí Mẹ̀mẹ́ tó dé.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń yọrí ni pé kí ẹ máa ká ètè òkè sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ojúmọmọ, kí ẹ fi aṣọ nu eyín gbẹ, kí ẹ sì wo etí ibi tí eyín gbé pàdé ìdí rẹ̀. Bí eyín bá ń dán láti òkè dé ilẹ̀, ó dára. Bí ìlà funfun kan bá wà níbẹ̀ tí kò dán, tí ó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹfun, eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nìyẹn. Ní ìpele yìí, fúlóráìdì àti mímú ṣúgà alẹ́ kúrò ṣì lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà eyín rí i láìpẹ́. Bí ìlà náà bá ti di pupa rúsúrúsú tàbí tí ó bá ti lu ihò, àlọ́ kò lè wò ó, búrọ́ọ̀ṣì kò lè wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, kí ó tó di pé eyín ń dùn ún lóru. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé eyín tí yóò ré kò ní láárí: àwọn eyín ẹ̀yìn yóò wà lẹ́nu ọmọ títí yóò fi tó ọmọ ọdún 10 sí 12, àwọn ni wọ́n sì ń pa àyè mọ́ de eyín àgbà.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ fínńfín lára búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má jáwọ́. Ẹ̀gbin tí ó pẹ́ ní ìdí eyín ni ó máa ń mú un wú, fífọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ni yóò sì mú un rọ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ fi han dókítà. Ní ti búrọ́ọ̀ṣì náà, nígbà tí irun rẹ̀ bá ti tẹ̀ síta, tàbí tí ó bá ti lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Títí di ìgbà wo?

Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni a ń fọ eyín, ṣùgbọ́n alẹ́ ni ti àlọ́. Ní òwúrọ̀, orin nìkan tó, pẹ̀lú ìtò kan náà, nítorí ọmọ ti mọ ọ̀nà. Nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́ta, tí eyín 20 ti pé, ẹ lè fi ọṣẹ kún un títí yóò fi tó hóró ẹ̀wà kan, kí ẹ sì kọ́ ọ láti tu itọ́; ẹ lè jẹ́ kí Mẹ̀mẹ́ náà máa tu itọ́ nínú àlọ́. Lẹ́yìn èyí, ìpín tí ó wà lábẹ́ “Èmi náà” yóò máa gùn sí i bí ọwọ́ ọmọ bá ti ń gbọ́n sí i, kí òun kọ́kọ́ fọ ibì kan, kí ẹ̀yin sì tún un ṣe.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó ń bu omi sí i lọ́wọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti eyín. Títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún méje, ọwọ́ òbí ni kí ó parí iṣẹ́ náà ní alẹ́, kódà bí ó bá ti dàgbà ju Mẹ̀mẹ́ lọ tí ó sì ń fẹ́ àlọ́ mìíràn. Ìtò ọ̀nà mẹ́fà náà ni kí ẹ má jẹ́ kí ó yí padà, kí iwájú òkè sì jẹ́ èyí tí ẹ ó fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, pẹ̀lú ètè tí a ká sókè àti ojú yín lórí etí eyín náà.